Ìlà Tó Wà Lára Ìró Àdìrẹ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí àwọn tí kò sí níbẹ̀ ló ń sọ pé Fuad ló ba nǹkan jẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Irọ́ ńlá! Èmi wà nínú yàrá yẹn, lókè ìsọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Fọlá Agoro, níbi tí a ti ń ṣe gẹ́ẹ̀mù orí fóònù. Èmi ni mò ń ya ojú àti irun àwọn èèyàn inú gẹ́ẹ̀mù. Wúràolúwa, ọmọ Abúlé Òkúta, ló ń ya aṣọ wọn. Fuad ló ń wọ aṣọ náà fún wọn nínú kọ̀ǹpútà.

Wúrà mọ iṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Olúmúyìwá, ṣì ń dán an wò ni. Bí àdìrẹ tí akọni obìnrin inú gẹ́ẹ̀mù wa máa ró bá dára, ó di òṣìṣẹ́ pátápátá nìyẹn. Ó sì fẹ́ iṣẹ́ náà gidi gan-an.

Àdìrẹ inú gẹ́ẹ̀mù kì í ṣe ọ̀pá aṣọ o. Àwòrán kékeré onígun mẹ́rin kan ṣoṣo ni. Kọ̀ǹpútà á máa tò ó mọ́ra bí ẹni ń lẹ táìlì, títí yóò fi bo gbogbo ìró. Etí ọ̀tún gbọ́dọ̀ bá etí òsì mu, òkè gbọ́dọ̀ bá ìsàlẹ̀ mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú ìsopọ̀ á hàn. Wúrà á ti àwòrán náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ dé ìdajì, á tún tì í sókè dé ìdajì, kí àwọn etí rẹ̀ lè bọ́ sáàárín. Ibẹ̀ ló ti máa rí ibi tí òdòdó ti já àti ibi tí aró ti dúdú jura lọ, á sì tún un yà. Lẹ́yìn náà á to mẹ́sàn-án pọ̀, mẹ́ta-mẹ́ta, á sún sẹ́yìn, á wò ó fín.

Ìfura nìkan ni wàhálà rẹ̀. Níbi tó ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n gba bátànì rẹ̀, wọ́n fi orúkọ ẹlòmíì sí i. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Lọ́jọ́ kan ló rí Fuad tó ń da fáìlì ìró akọni wa sórí fíláàṣì.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ilé ni mo ti fẹ́ parí ẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ yìí ti fẹ́ kú."

"Hmm."

Hmm yẹn gùn! Ó yí sí mi: "Ṣé o rò pé kò ní tà á?" Mo ní ta ló fẹ́ ra ìró obìnrin tí a ò tíì fún lẹ́sẹ̀? Ó ní èmi náà ti ń gbè sẹ́yìn Fuad. Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n tiẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ó fi àdìrẹ náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá àti Fuad. Fuad wọ̀ ọ́ fún akọni wa. Àwọn ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì dúró lóòró lára ìró náà, láti ìbàdí dé ẹsẹ̀. Wúrà búra pé kò sí ìlà lọ́wọ́ òun. Ó ṣí àwòrán mẹ́sàn-án rẹ̀ hàn wá, ó mọ́ lóòótọ́. Ó tún fi í ránṣẹ́, ìlà tún yọ.

"Ẹ ò rí i? Ó dáa lọ́wọ́ mi. Ó dé ọwọ́ Fuad, ó bàjẹ́!"

Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ìfura wo Fuad. Kò kúkú lẹ́nu ọ̀rọ̀, ẹni tí kò bá sì lè rojọ́ máa ń jọ ọ̀daràn.

Nígbà tí ọjọ́ tí àwọn oníbàárà máa wá wo gẹ́ẹ̀mù náà kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀gá pe gbogbo wa. Wúrà bú jáde: "Ọ̀gá, ẹ má bínú, olè ni Fuad! Ó fẹ́ kí n kùnà, kó lè gbé bátànì mi lọ."

"Wúrà, èmi?" Gbogbo ohun tí Fuad rí sọ nìyẹn.

Ọ̀gá ò lọ sídìí kọ̀ǹpútà Fuad. Fáìlì tí Wúrà fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i ló ṣí, ó sì fẹ etí ọ̀tún rẹ̀ títí ó fi tóbi gbẹ̀ǹgbẹ̀. Yéè! Lẹ́tà wínníwínní ló tò sókè létí ibẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ fi díẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti aró lọ. Orúkọ Wúràolúwa ni.

"Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, sà. Kí olè má baà lè sẹ́. Ó fara sin, sà, kò sẹ́ni tó lè rí i."

Òótọ́ ni, ẹyọ kan ò ṣeé rí. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń to àwòrán náà léra, orúkọ ń so mọ́ orúkọ, ó di ìlà. Ìgbà tó ti to mẹ́sàn-án rẹ̀ tán ló kọ ọ́. Kò sì tún un tò wò mọ́, torí kò fẹ́ kí ẹni tó bá gba ẹ̀yìn òun kọjá rí i.

Ó pa á rẹ́ lójú wa. Ìró náà sì jáde, ó mọ́ lóló, ó wù mí débi pé mo pàtẹ́wọ́.

"Iṣẹ́ ẹ dáa, Wúrà," ọ̀gá ní. "Ṣùgbọ́n aṣọ tí o bá yà, ẹlòmíì ló máa wọ̀ ọ́ fún àwọn èèyàn inú gẹ́ẹ̀mù. Fuad, ṣé wàá lè bá a ṣe é?"

Fuad kọjú sí i. "Ọ̀gá, bí nǹkan bá tún sọnù níbí lọ́la, ta lẹ máa kọ́kọ́ wò?"

Mo bojú wolẹ̀, torí èmi náà ti fura sí i. Ọ̀gá ní kí Wúrà máa lọ sílé ná, òun á pè é. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò tíì pè é.