Bẹ́líìtì Kì í Mu Ọ́ìlì

Láti ìgbà tí Kàfáyá ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọwọ́ Nùrẹ́nì nìkan ló ń wá sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún ọ̀kadà ṣe ní Ìjù, ọkàn rẹ̀ kì í bá a wá. Ọ̀kadà tó bá ti Ìgbẹ́sà dé, yẹ̀pẹ̀ á ti jẹ ṣéènì rẹ̀. Ọwọ́ á fọ̀ ọ́, á fà á le, á da ọ́ìlì sí i.

Lọ́jọ́ kan, Akíndé gbé ọ̀kadà ńlá rẹ̀ tó ń lo bẹ́líìtì dípò ṣéènì wá. Ọwọ́ tún da ọ́ìlì sí i.

“Ẹ̀gbọ́n! Bẹ́líìtì kì í mu ọ́ìlì, ó máa yọ̀!”

“Mo mọ̀.” Nùrẹ́nì mú àkísà, ó ń nù ún.

Akíndé wò ó títí. “Ẹ ò tíì sunkún látìgbà tá a ti sin ìyàwó yín. Ṣé kò sí ìṣòro o?”

Nùrẹ́nì tọ́ka sí ọ̀kadà oníṣáàfù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

“Wo ìyẹn. Ṣéènì máa ń pariwo, àmọ́ tó bá mọ́, òun ló ń gbé agbára dé táyà jù. Ṣáàfù, ọ̀pá tó ń yí dípò ṣéènì, inú irin ló ń gbé. Kì í pariwo, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ agbára ẹ́ńjìnnì jù, kó tó dé táyà.”

Bẹ́líìtì ti mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń nù ún.