Aago Mẹ́sàn-án Ààbọ̀ Tí Mo Kọ Sórí Fọ́ọ̀mù

Ilé ìwòsàn kan lójú ọ̀nà Ìgàndò ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì nígbà náà. Òkè ni wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin wà, irin sì dí gbogbo fèrèsé rẹ̀ nítorí olè. Màmá kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, àgbà nínú ìjọ Aládùúrà kan ní Ẹ̀gán, wọ́n á tó ẹni àádọ́rin ọdún. Kòkòrò àrùn ti wọ inú ọkàn wọn, ó lẹ̀ mọ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá níbẹ̀. Oògùn ìdílé pẹnisílìn ni à bá fún wọn, àmọ́ ara wọn ò gbà á. Nígbà kan tí wọ́n gún wọn ní irú rẹ̀ rí, ojú wọn wú, èémí sì fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi fi wọ́n sórí oògùn méjì tí à ń fún wọn lójú iṣan: fankomaísìn, tí à ń pè ní fánkò, àti jẹntamaísìn, tí à ń pè ní jẹ́ńtà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko.

Oògùn méjèèjì yìí kì í ṣe ohun à ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Bí wọ́n bá kéré jù nínú ẹ̀jẹ̀, àrùn á máa gbilẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, kíndìnrín lè bàjẹ́, jẹ́ńtà sì lè di èèyàn létí. Nítorí náà à ń gba ẹ̀jẹ̀ láti mọ iye tó wà níbẹ̀. Ti fánkò, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oògùn kẹrin ni, nígbà tí èyí tó ṣáájú ti lọ sílẹ̀ tán. Ti jẹ́ńtà, ẹ̀ẹ̀mejì ni: ọ̀kan kí a tó fún un, èkejì ní wákàtí kan lẹ́yìn tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún un.

Ọjọ́ Wẹsidé ni oògùn kẹrin bọ́ sí, aago mẹ́wàá àárọ̀. Mo ti gbé ìgò tí n óò fi gba ẹ̀jẹ̀ sórí tábìlì. Bó ṣe kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ lù, gìrì gbé ìyàwó kan ní bẹ́ẹ̀dì tó kángun sí ẹnu ọ̀nà. Àwa méjì péré la wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ara rẹ̀ fi máa balẹ̀, aago mẹ́wàá ti lù, mo sáré so fánkò Màmá kó má baà pẹ́ jù. N ò rántí ẹ̀jẹ̀ rárá.

Oògùn yẹn á máa rọra kán fún wákàtí méjì. Ó ti kán tán nígbà tí mo rí ìgò òfìfo náà lórí tábìlì. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n ti kọ̀wé ìkìlọ̀ sí mi lẹ́ẹ̀kan lóṣù yẹn pé mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì sì ti ní òun ò fẹ́ gbọ́ orúkọ mi mọ́. Mo fa ẹ̀jẹ̀ Màmá ní apá kejì, apá tí oògùn ò gbà wọlé. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè aago, mo kọ mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ọlọ́kadà tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí láàbù ti dé ìsàlẹ̀. Mo fà á lé e lọ́wọ́.

Lọ́sàn-án Tọ́sìdeè, èsì dé: mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ohun tí à ń wá ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Dókítà fọwọ́ bojú. Ṣùgbọ́n apòògùn wa, ọkùnrin kan tí kì í pariwo, di ìwé náà mú, kò gbé e sílẹ̀.

"Ó ń yà mí lẹ́nu o," ló wí. "Èsì kíndìnrín wọn dáa. Wọ́n ń tọ̀ dáadáa. Jẹ́ńtà ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọn bó ṣe yẹ, kíndìnrín kan náà ló sì ń gbé méjèèjì jáde. Kí ló dá fánkò nìkan dúró?" Ó kọjú sí mi. "Sístà, aago mélòó lẹ gba ẹ̀jẹ̀ yìí gan-an?"

"Mẹ́sàn-án ààbọ̀, bí mo ṣe kọ ọ́."

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú, ẹ jàre."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, ó dà bíi pé ẹnì kan ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Dókítà ní àwọn ò lè fi kíndìnrín ìyá àgbà ṣeré. Wọ́n fo oògùn alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n sì dín èyí tó kù sí ìdajì, láti gíráàmù kan sí ààbọ̀. Èmi gan-an ni mo so ìdajì yẹn láàárọ̀ Fúráìdeè.

Láàárọ̀ Sátidé, ibà tó ti lọ fún ọjọ́ mẹ́ta padà dé. Màmá ń gbọ̀n, eyín wọn ń lu ara wọn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ mi, ṣé oògùn ọ̀hún ò ṣiṣẹ́ mọ́ ni? Ṣé kí n pe àwọn ará ilé mi kí wọ́n wá gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ẹ má lọ, Mà."

Mo wọ ilé ìtọ̀, mo jókòó síbẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí n ò bá sọ ọ́, èmi ni n óò tún máa so ìdajì oògùn sí Màmá lápá, láàárọ̀, lálẹ́, títí wọn ó fi kú. Mo fọ ojú mi, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá apòògùn.

Mo ní, "Irọ́ ni mo pa fún yín. Lẹ́yìn tí oògùn kán tán ni mo gba ẹ̀jẹ̀ yẹn. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Kò bú mi, ì bá sì sàn kó bú mi. "Bí ẹ bá ti kọ aago tí ẹ gbà á gan-an ni, ẹ̀jẹ̀ yẹn ì bá ṣì wúlò fún mi. Mo lè fi ṣírò. Ẹ̀jẹ̀ tó pẹ́ kì í ṣe ìṣòro, Sístà. Aago irọ́ ni ìṣòro."

Ó pe dókítà lójú mi. Wọ́n dá oògùn padà sí gíráàmù kan lójú ẹsẹ̀. Kí oògùn kẹrin lẹ́yìn ìyẹn tó wọlé, apòògùn fúnra rẹ̀ dúró tì mí nígbà tí mo fa ẹ̀jẹ̀, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì kọ ohun tó rí. Èsì rẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án. Ohun tí a rò pé ó pọ̀ jù, kò tiẹ̀ tó láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ìdajì gíráàmù kún un. Nígbà tí a tún yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti di mẹ́rìndínlógún, ibà sì ti lọ.

Èmi náà ni mo sọ fún Màmá. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n kọjú sí irin fèrèsé.

"Nígbà tí mò ń gbọ̀n yẹn," ni wọ́n wí, "o mọ̀?"

"Mo mọ̀, Mà."

"Dìde. Ó ti tó. Ṣùgbọ́n má ṣe ní kí n sọ pé kò dùn mí."

Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì kọ̀wé sí mi, wọ́n sì gbé mi kúrò ní wọ́ọ̀dù lọ sí ibi tí à ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn tó wá rí dókítà, oṣù mẹ́fà. N ò bá wọn jiyàn. Màmá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wọn, kíndìnrín wọn dáa, etí wọn ń gbọ́, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde. Ṣùgbọ́n ọkàn wọn ò padà sí bó ṣe wà. Mo ń rí wọn nígbà tí wọ́n bá wá fún àyẹ̀wò: wọ́n á dúró mí lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn wa tán. Dókítà ní àrùn náà ti jẹ ìlẹ̀kùn ọkàn wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. N ò tíì rí ẹni tó lè sọ fún mi ohun tí ọjọ́ méjì tí oògùn fi dín kù yẹn fi kún un.