Bí Mọ́ṣádé Ṣe Dúnàádúrà Fúláwà

Mọ́ṣádé ń ṣe búrẹ́dì ní Ijagun, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló sì ń tà á fún jù. Àwọn kan ń pè é ní ahun. Wọn kò sọ ọ́ tọ́. Ahun kì í fẹ́ náwó rárá. Mọ́ṣádé ń náwó, ṣùgbọ́n ó máa ń fẹ́ mọ ohun tó ń náwó lé lórí.

Lóṣù tó kọjá, owó fúláwà tún lọ sókè. Bó bá fi kún owó búrẹ́dì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ní rà á. Bí kò bá fi kún un, kò ní rí owó oṣù san fún àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Àfi kí Àlàájì Zakariyah, tó ń ta fúláwà fún un ní Ìjẹ̀bú-Òde, dín owó kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Mọ́ṣádé yóò ti ilé búrẹ́dì rẹ̀ pa.

Ó dé ọ̀dọ̀ Àlàájì ní kùtùkùtù, ṣùgbọ́n kò wọlé. Ó jókòó sí ìsọ̀ oníṣúgà tó wà ní òdìkejì. Ìgbà tí ẹnì kan ra àpò fúláwà méjì lọ́wọ́ Àlàájì tó sì gbé e sórí kẹ̀kẹ́ ló tó dìde.

"Ẹ káàárọ̀ sà, Àlàájì. Ẹ kú ọjà."

"Ìyá Joel, ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí yín lọ́hùn-ún. Ṣé ẹ ń ṣọ́ mi ni?"

"Mo ní kí ẹ kọ́kọ́ tà ná, sà."

Ọ̀pọ̀ òǹtàjà ni kì í fẹ́ kí ẹni tó kọ́kọ́ wọlé láàárọ̀ jáde lọ́wọ́ òfo. Àwọn kan mọ èyí, wọ́n á sì sáré wá kí wọ́n lè ra ọjà ní owó pọ́ọ́kú.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lórí àpò kan."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta? Kí ni kí èmi wá jẹ nílé? Búrẹ́dì yín?"

"Màá gbé e wá fún yín. Ṣùgbọ́n àpò mẹ́wàá ni mò ń rà lọ́sẹ̀. Màá máa kó ogún báyìí, ti ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan. Màá sanwó kí wọ́n tó kó ẹrù, ọkọ̀ tèmi ló sì máa gbé e. Ẹ ò ní gbé e dé Ijagun mọ́."

"Bí mi ò bá gbà ńkọ́?"

"Mi ò ní bínú, sà. Màá ra mẹ́wàá òní ní iye tí ẹ pè é, torí iṣẹ́ wà nílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Ṣàgámù ni màá lọ. Mo ti lọ wo tiwọn."

Kò gbóhùn sókè. Àlàájì wo ìta. Ọkọ̀ akẹ́rù tí Mọ́ṣádé mú wá ti wà níbẹ̀, awakọ̀ sì ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ká ní ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wọlé," Àlàájì sọ, "ǹ bá gbà fún yín lónìí, ǹ bá sì gba owó mi padà lára yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹgbẹ̀rún méjì ni mo lè yọ. Kì í ṣe tòní nìkan."

Mọ́ṣádé ṣírò ó wò. Epo ọkọ̀ yóò mú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kù yóò tó.

"Mo gbà, sà. Ẹ ṣeun."

Ó fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, kò sì jẹ́ kí wọ́n gbé àpò kankan títí Àlàájì fi sọ pé owó ti wọlé.

Owó búrẹ́dì kò yí padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún lọ jókòó sọ́dọ̀ oníṣúgà. Àlàájì pè é láti ẹnu ọ̀nà:

"Ìyá Joel, ẹ wọlé jàre. A ti jọ fẹnu kò lórí iye."