Orúkọ Màmá Adéyọ̀sọ́lá Lára Ògiri

Oyèkọ́lá ló ń fi ẹ̀rọ gbé àwòrán sára ògiri ní gbọ̀ngàn ìsìnkú kan ní Ṣàgámù. Tí ìsìnkú bá ku ọ̀la ló máa ń gba fáìlì, kó lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Bánkẹ́, tí wọ́n fẹ́ sin ìyá rẹ̀, fi Keynote, ètò àwòrán ti kọ̀ǹpútà Apple, ṣe fáìlì tirẹ̀. PowerPoint gbọ̀ngàn náà kò lè ṣí i. Bánkẹ́ yí i sí PowerPoint lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ó ṣí, ṣùgbọ́n irú lẹ́tà tó lò kò sí lórí kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn, òmíràn tó fẹ̀ jù rọ́pò rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀, “Adéyọ̀sọ́lá”, sì gé sí méjì.

“Ẹ̀gbọ́n, màmá mi kọ́ nìyí o!”

“Rọra, àbúrò. Sọ ọ́ di PDF. Lẹ́tà ò ní yí padà, àmọ́ àwòrán ò ní rìn mọ́.”

“Màmá náà ti parí ìrìn.”

Lọ́jọ́ kejì, orúkọ náà yọ lódindi. Gbogbo ilé dìde.