Omi Tí Wọ́n Ní Ká Má Ṣan

Iṣẹ́ ìyá ọkọ ni mo máa ń ṣe nínú fíìmù. Bí ẹ bá rí obìnrin kan tó káwọ́ sẹ́yìn nínú pálọ̀, tó ń bú ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi. Ìran tí wọ́n ń fún mi kì í pọ̀, ṣùgbọ́n àtíkè tí wọ́n ń kùn mí kì í kéré, nítorí iná kámẹ́rà ò mọ àgbà.

Ilé kan tí wọ́n yá ní Ìbà la ti ń ya fíìmù nígbà yẹn. Ọmọbìnrin tó ṣe ìyàwó ọmọ mi ń bọ̀ láti Òkokomáíkò. Àwọn tó ń wò ó lórí fóònù pọ̀ débi pé ó ti gbà pé ìmọ̀ ni gbogbo ohun tó bá ti ẹnu òun jáde. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí iṣẹ́ ṣe parí nírọ̀lẹ́, a kó sí yàrá ẹ̀yìn láti nu ojú wa. Ó yọ ìgò kan nínú báàgì bí ẹni yọ ẹ̀gbà wúrà. Omi tó mọ́ gaara ló wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní maisẹ́là wọ́tà. Ó dà á sórí òwú kan ṣoṣo, ó fi gbá ojú láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ó ju òwú nù. Ó parí.

"O ò ní bọ́jú?" mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ṣì ń fi ọṣẹ ha ojú. Èyí ò nílò ṣíṣan. Ẹ kà á, ó wà lára ìgò."

Mo kà á. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Èmi ò bá ìgò jà. Mo ti ń lo irú omi yẹn tipẹ́. Àwọn nǹkan tín-tìn-tín bíi ti ọṣẹ ló wà nínú rẹ̀ tó ń di òróró àti ìdọ̀tí mú, kí òwú lè kó wọn lọ. Ẹni tó kun àtíkè fẹ́lẹ́ lè fi nu ojú kó sì sùn. Àmọ́ ti èmi, bí n kò bá ṣan án, awọ ojú mi á fà, á sì máa yún mi.

"Ẹni tó kọ ìyẹn sára ìgò," mo ní, "kò rí bí wọ́n ṣe rẹ́ ojú ẹ bí ògiri lónìí."

Olùdarí wa, tí àtíkè ò kan ojú rẹ̀ rí, dá sí i láti ẹnu ọ̀nà: "Mọ́mì, sáyẹ́ǹsì ni o." Ta ni èmi tí màá fi bá sáyẹ́ǹsì jà?

Bó ṣe ń ṣe nìyẹn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Tó bá dórí tìróò ìpéǹpéjú, irú èyí tí apá omi kì í ká, á máa fi òwú gbo ojú bí ẹni ń fọ ìdí ìkòkò. Kò pẹ́ tó fi dé láàárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú irorẹ́ wẹ́wẹ́ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ pọ́n, tó sì wú. Olùdarí káwọ́ lérí. Ọmọbìnrin náà yíjú sí obìnrin tó ń kun àtíkè fún wa, ará Ọ̀tọ̀-Àwórì kan tí kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀.

"Àtíkè yín ni! Ayédèrú lẹ fi ń kùn mí!"

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó àpótí rẹ̀. Omi ti lé sí i lójú. Ibẹ̀ ni ara mi ò ti gbà á mọ́.

"O nu ojú kí o tó wá?" mo bi ọmọbìnrin náà.

"Lálẹ́ àná àti láàárọ̀ yìí. Ojú mi mọ́ tónítóní."

Mo fa táwẹ́lì funfun yọ nínú báàgì mi, mo rẹ ẹ́ sínú omi, mo nu ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀, ìdí irun àti abẹ́ àgbọ̀n. Mo nà án sókè. Ó ti di àwọ̀ kòkó.

Mo ní kó jókòó. Mo ní fún tìróò alágídí yẹn, òróró ìnujú ni kó kọ́kọ́ lò: kó fi òwú lé ojú jẹ́ẹ́ títí á fi rọ̀, kó má gbo ó. Lẹ́yìn náà ni kó fi omi inú ìgò rẹ̀ nu ìyókù, kó máa pààrọ̀ òwú títí òwú á fi funfun. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ọṣẹ ìfọjú tí kò le àti omi, kó tó wá fi ìpara kádìí ẹ̀. Mo ní lọ́jọ́ tí omi ò bá sí, kó nù ún bẹ́ẹ̀ kó sùn. Kó ṣan án tílẹ̀ bá mọ́.

Ó ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń yínmú sí mi. Wọ́n sún ìran rẹ̀ síwájú, ojú náà sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ obìnrin tó fẹ̀sùn kàn.

Nígbà tó yá, mo rí i lórí fóònù, ojú ń dán, òwú lọ́wọ́: "Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àṣírí kan wà tí mo ṣàwárí fúnra mi. Ìnujú nìkan ò tó o, ẹ rí i pé ẹ bọ́jú!" Àwọn tó ń wò ó ń kí i lábẹ́ fídíò náà pé ó ṣeun, ọlọ́gbọ́n obìnrin.

Ará Ọ̀tọ̀-Àwórì ló fi ránṣẹ́ sí mi. Kò kọ ohunkóhun tẹ̀lé e. Mo pè é, a sì jọ bú ọmọbìnrin náà títí owó fóònù mi fi tán.