Ẹ̀gẹ́ Tí Tíṣà Kúbúrá Kò Tètè Gbìn

Ọdún tí owó kóńgò gàrí kan ń ba ọkùnrin lẹ́rù ni Tíṣà Kúbúrá ti Òkè-Àgbò fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ó ti rí ilẹ̀ éékà mẹ́wàá lọ́nà Abígi, ó fẹ́ fi ẹ̀gẹ́ kún un. Gbóyèga àbúrò rẹ̀, tó ń fi katakata ro oko fún owó, kò jẹ́ kó gbádùn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀. Owó dísù tí katakata ń mu ń gun òkè.”

“Orúnkún ló ń dùn mí, àbúrò.”

Irọ́ ni. Orúnkún náà ló ń gbé e gun ọ̀kadà lọ sí Abígi ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, tó ń ka oko tuntun. Gbogbo ayé ló ń gbin ẹ̀gẹ́. Bí òun náà bá gbìn báyìí, ọjọ́ kan náà ni tòun àti tiwọn yóò jáde sọ́jà lọ́dún tó ń bọ̀. Èló ni wọn yóò máa ra ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ kan nígbà náà? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Owó tí èèyàn bá sì fi ro ilẹ̀ kò ṣeé gbà padà lọ́wọ́ ilẹ̀.

Ó fún Alhaji Bashiru onílẹ̀ ní owó díẹ̀ pé kó má fi ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn títí òjò àmọ́dún. “Bí mi ò bá wá, ẹ fi owó yẹn jẹ ẹran,” ló wí. Alhaji rẹ́rìn-ín, ó gbà á.

Ìdúró náà dùn ún o. Àwọn tó ti ní ẹ̀gẹ́ nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń pa owó. Ọ̀kan lára wọn kan òrùlé tuntun sórí ilé tó kọjú sí ti Tíṣà gan-an. Gbóyèga rí i pé ẹ̀gbọ́n òun ò yí ọkàn padà, ló bá lọ gbin éékà márùn-ún tirẹ̀.

Òjò ọdún kejì dé, ẹ̀gẹ́ gbogbo wọn sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Iye tí wọ́n ń ra ọkọ̀ kan já wá sí ìdá kan nínú mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀. Owó àwọn tí yóò hú u ju owó tí yóò mú wọlé lọ, Gbóyèga bá fi tirẹ̀ sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Ó wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tíṣà.

“Ṣé wàá fún mi ní igi ẹ̀gẹ́ gbìn?” Tíṣà bi í.

“Ní ìsinsìnyí tí gbogbo èèyàn ń sá?”

“Nítorí wọ́n ń sá ni. Bí wọn ò bá gbìn ín, yóò tún wọ́n. Éékà méjì péré. Mo fẹ́ rí bí ọjà yóò ṣe rí ná kí n tó fọwọ́ kan ìyókù.”

Gbóyèga fún un nígi lọ́fẹ̀ẹ́. Owó katakata nìkan ló gbà, ó sì fi díẹ̀ lé iye tó máa ń gbà. Tíṣà rí i, ó san án láìjiyàn.