Ìlà Kan Tó Ṣófo Lábẹ́ Ìwé Gbèsè Kàsímù

Láàárọ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó, bí èéfín ààrò búrẹ́dì wa bá ti ń gòkè, tí ìkùukùu ọ̀sà sì ń rọra wọ àgbàlá, ẹ kò ní í mọ èwo ni èéfín, èwo ni ìkùukùu. Àárín méjèèjì ni àǹtí mi Theodora ti lo ayé rẹ̀, pẹ̀lú ìyẹ̀fun ní ìpéǹpéjú, nínú ilé tí bàbá ńlá rẹ̀ kọ́ nígbà tó ti Brazil dé. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Èmi Yéwándé tí mò ń pọnmi fún un ni kí ẹ bi.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1974, Kàsímù wá bá a. Ará Ìjẹ̀bú ni, fìlà ló ń rán ní Ìdúmàgbò, ó sì ti tó ogún ọdún tó ti ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ wa. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Àǹtí mi ka ọgọ́fà náírà sílẹ̀ fún un láìbéèrè nǹkan kan. Kàsímù kò fọwọ́ kàn án.

"Sístà, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀. Àlùkùránì ló ní bí a bá yáwó di ọjọ́ kan, ká kọ ọ́."

"Bàbá Jíbrílù, ṣé mo ní mi ò gbà yín gbọ́ ni?"

"Ẹ gbà mí gbọ́. Ikú ni èmi ò gbà gbọ́."

Inú bí àǹtí mi, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé e dé Ẹnu Ọ̀wá, lọ́dọ̀ Bàbá Ignatius, akọ̀wé tó ń tẹ ìwé fún aráàlú. Bàbá fi kábọ́ọ̀nù sáàárín ìwé méjì, ó sì tẹ̀ ẹ́: *Èmi, Kàsímù aránfìlà, jẹ́wọ́ pé mo jẹ Theodora oníbúrẹ́dì ní ọgọ́fà náírà (₦120), láìsí èlé. N óò san ogójì náírà ní 30 April 1974, ogójì ní 31 July, ogójì ní 31 October.* Ó fa ìlà méjì sísàlẹ̀, ọ̀kan fún onígbèsè, ọ̀kan fún olówó. Nítorí pé lẹ́tà Lárúbáwá nìkan ni Kàsímù mọ̀, Bàbá ka gbogbo rẹ̀ sókè fún un, ó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sídìí ìwé, bí òfin ṣe wí.

Kàsímù kọ orúkọ rẹ̀ láti ọ̀tún sósì, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rán etí fìlà. Àǹtí mi gbé bírò, ó tún gbé e kalẹ̀.

"Mi ò fọwọ́ síwèé láàárín èmi àti ọ̀rẹ́ mi."

"Ọwọ́ onígbèsè ló ṣe kókó," ni Bàbá Ignatius wí. "Ìwé ti dúró."

Kàsímù rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi ìlà yín sílẹ̀, Sístà. Ọjọ́ tí mo bá san tán lẹ óò fọwọ́ sí i."

Ó san ti April, ó san ti July, Bàbá sì ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé méjèèjì. Ní gbogbo àkókò yẹn, òrùlé wa ń jò sórí àpò ìyẹ̀fun. Owó October ni a fẹ́ fi ra páánù. Káfíńtà ti wá wọ̀n ọ́n.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù October, Kàsímù sùn kò jí.

Àǹtí mi fi ìwé sínú báàgì, a lọ. Mo rò pé owó ló fẹ́ béèrè, ojú sì ń tì mí. A jókòó ti ìyàwó rẹ̀, Àdìjátù, nínú yàrá. Òjò ń ṣe wínníwínní. Ohùn àfáà ń ti ojú fèrèsé wọlé bí ohùn inú àlá. Ó ní kí wọ́n tó kírun sí òkú lára, ẹni tí olóògbé bá jẹ ní gbèsè kó sọ̀rọ̀. Mo wo àǹtí mi. Omijé ń fa ìlà nínú ìyẹ̀fun ojú rẹ̀.

Àdìjátù tú etí ìró rẹ̀, ó kó owó jáde. "Sístà, ó ti ń kó o jọ fún yín. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Kò tíì pé."

Ẹ̀rù bà mí pé àǹtí mi yóò dá a padà. Ó gbà á. Ó kà á lójú gbogbo wa, náírà kọ̀ọ̀kan, nítorí Kàsímù ìbá fẹ́ kó kà á. Lẹ́yìn náà ó ké pe Jíbrílù ọmọ olóògbé, ó ní kó mú bírò wá. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé pé òun ti gba mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, òun sì fi mẹ́tàlá tó kù jì í. Ó yí ìwé padà, ó sì fọwọ́ sí i lórí ìlà tó ti ṣófo láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

Jíbrílù gbé ìwé náà jáde fún àfáà. A gbọ́ tí àwọn ọkùnrin ń tò sí sàfú láti kírun sí i lára.

Páánù tí a rí rà kò ká òrùlé náà tán. Títí di òní, bí òjò bá ń kán tó, tó, sínú bàsíà, àǹtí mi a gbójú sókè.

"Bàbá Jíbrílù," a ní, "mo ti fọwọ́ sí i o."